Kí ló dé tí páwà òdo fi ń sọ gbogbo nọ́ńbà di 1?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń kọ́ páwà nílé ìwé, wọ́n ní 5⁰ jẹ́ 1, 8⁰ náà jẹ́ 1, nọ́ńbà yòówù kó jẹ́, 1 náà ni. Ó wá bi mí pé tí 5² bá ní 5 méjì nínú, tí 5⁰ ò sì ní 5 kankan, ṣebí òdo ló yẹ kó jẹ́. Mo ní kó gbà á bẹ́ẹ̀ torí òfin ni, ó ní ta ló ṣe òfin ọ̀hún. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

Ẹ má bínú sí ọmọ yẹn o. Èmi náà bi tíṣà mi ní irú ìbéèrè yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tó sì fi dá mi lóhùn ò ju pé kí n jókòó, kí n kọ ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù. Mo kọ ọ́ lóòótọ́, mo sì fi páàsì ìdánwò, àmọ́ ìgbà témi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ni mo tó mọ ìdí ẹ̀. Ohun tí mo wá rí nínú iṣẹ́ yẹn ni pé ọmọ tó bá ní òdo ló yẹ kó jẹ́, kì í ṣe pé kò ronú o, ó ń lo gbólóhùn tí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ni, gbólóhùn ọ̀hún ló ní àbùkù.

Gbólóhùn yẹn ni èyí tí gbogbo wa há sórí, pé 2³ túmọ̀ sí pé ká fi 2 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ẹ wò ó: 2 × 2 × 2. Ẹ wá ka àmì táìmsì tó wà níbẹ̀. Méjì ni. Àwọn 2 ni wọ́n jẹ́ mẹ́ta, ìsọdipúpọ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn ò ju méjì lọ, kò sí ìkẹta níbì kankan. Èèyàn kì í fura torí ìdáhùn ń jáde bó ṣe yẹ, 8 náà ni. Àmọ́ ẹ bá a sọ̀kalẹ̀ dé 2¹, ó ti ń mẹ́hẹ níbẹ̀ nìyẹn, torí báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi 2 kan ṣoṣo sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan? Kò sí àmì táìmsì kankan lórí bébà, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa gbà pé 2 ni láìjanpata. Tẹ́ẹ bá wá dé 2⁰, gbólóhùn náà kú pátápátá, kò ní nǹkan kan tó fẹ́ sọ mọ́. Ọmọ yín bá a dé ibi tó kú sí yẹn, ó wá fi òdo dí àlàfo, torí lójú ẹ̀ "kò sí nǹkan kan" àti "òdo" ọ̀kan náà ni wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, a máa padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pa gbólóhùn yẹn tì ná, ká wo báwọn nọ́ńbà fúnra wọn ṣe ń rìn. Ẹ mú bébà, kẹ́ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ìwé ṣe sábà máa ń ṣe é. 2⁵ jẹ́ 32. 2⁴ jẹ́ 16. 2³ jẹ́ 8, 2² jẹ́ 4, 2¹ jẹ́ 2. Ẹ kọ wọ́n sí abẹ́ ara wọn, kẹ́ẹ wá bi í pé bí páwà ṣe ń fi ẹyọ kan dín kù, kí ló ń ṣe ìdáhùn? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ máa ń gbìyànjú láti yọ, wọ́n á ní láti 32 dé 16, 16 ló kúrò, láti 16 dé 8, 8 ló kúrò, wọ́n á wá rí i pé ohun tó ń kúrò ò dúró lójú kan, inú wọn ò ní dùn sí i. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà á. Láìpẹ́ wọ́n á rí i pé ìdajì ló ń dà ní gbogbo ìgbà, 32 pín sí méjì, 16 pín sí méjì, 8 pín sí méjì, àtẹ̀gùn kan náà ni látòkè délẹ̀, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Ẹ wá ní kó kọ èyí tó máa tẹ̀ lé 2, ẹ má dá orúkọ páwà òdo rárá. Èmi ò tíì rí ọmọ tó kọ òdo síbẹ̀. Ìdajì 2, 1 ni. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti kọ ọ́ tán ni kẹ́ẹ ní kó wo apá òsì, kó wò ó bóyá páwà wo ló bọ́ sí ìlà yẹn.

Ó kù díẹ̀ o, torí ọmọ tó ń bèèrè ta ló ṣe òfin á tún bèèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pípín ni wọ́n ń pín, kí ló dé tí kì í ṣe yíyọ. Ìdáhùn ẹ̀ ni pé 32 yẹn, 2 márùn-ún ló so pọ̀ mọ́ra nínú ẹ̀ pẹ̀lú táìmsì. Ohun tí wọ́n bá fi táìmsì so, pípín ló ń tú u, yíyọ ò lè tú u. Tẹ́ẹ bá ní kí 2 kan kúrò láàárín àwọn márùn-ún kó ku mẹ́rin, ẹ ti fi 2 pín in nìyẹn, bóyá ẹ mọ̀ bóyá ẹ ò mọ̀. Nítorí náà bátànì tí ọmọ náà rí lórí bébà, kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀, páwà ń ka iye 2 tó wà nínú ìdìpọ̀ náà, a sì ń tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Ẹ wá tún un ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà míì kó má baà rò pé idán 2 ni. 7³ jẹ́ 343, 7² jẹ́ 49, 7¹ jẹ́ 7, ẹ̀ẹ̀kan yìí 7 la fi ń pín. Ẹ fi 7 pín 343, 49 ni, ẹ fi 7 pín 49, 7 ni, ẹ fi 7 pín 7, 1 ló bọ́ síta. Ẹ ṣe 10: 1000, 100, 10, lẹ́yìn náà 1. Ibi tó ti ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu nìyí, pé àwọn àtẹ̀gùn wọ̀nyí jìnnà síra lókè, ti 2 wà ní 8, ti 7 wà ní 343, ti 10 wà ní 1000, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń balẹ̀ sí. Kí ló kó wọn jọ? Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn kí a tó dé òdo. Lórí ìlà yẹn, páwà jẹ́ 1, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra ẹ̀, 2 jẹ́ 2, 7 jẹ́ 7, 10 jẹ́ 10. Ìgbésẹ̀ tó kù ni pé kí kálukú fi ara ẹ̀ pín ara ẹ̀. Nọ́ńbà tó bá sì fi ara ẹ̀ pín ara ẹ̀, 1 náà ni, bó ṣe wù kó tóbi tó, bó ṣe wù kó kéré mọ. Ìdí tí "nọ́ńbà yòówù" fi wà nínú òfin yẹn kò ju èyí lọ. (Ó ku nọ́ńbà kan tí ò lè fi ara ẹ̀ pín ara ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣì jókòó síbẹ̀, a ń bọ̀ wá bá a.)

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà dúró lórí 1, torí ara ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé wọ́n rò pé òdo ni ilẹ̀ tí àtẹ̀gùn parí sí. Kò parí níbẹ̀. Ìdajì 1 jẹ́ ½, ìyẹn ni 2⁻¹. Ìdajì ìyẹn jẹ́ ¼, òun ni 2⁻². Ó tún já sí ⅛, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró, ó ń kéré sí i, kò sì dé òdo láéláé. Nígbà tó bá rí gbogbo ẹ̀ lórí bébà, 8, 4, 2, 1, ½, ¼, ⅛, á rí i pé àárín ni 1 wà, ibodè ni, àwọn tó tóbi wà lókè ẹ̀, àwọn ìdá wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Michael Stifel, ará Jámánì kan, ya irú tábìlì yìí sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 1544, ó to -3, -2, -1, 0, 1, 2, 3 títí dé 6 sórí ìlà kan, ó to ⅛, ¼, ½, 1, 2, 4, 8 títí dé 64 sí abẹ́ wọn, 1 sì bọ́ sí abẹ́ 0 gẹ́lẹ́. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí Descartes, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, tó sọ kíkọ páwà bí nọ́ńbà kékeré sókè di àṣà ní ọdún 1637. Àwọn èèyàn ti rí ojú àtẹ̀gùn yẹn kí wọ́n tó ní ọ̀nà tó rọrùn láti kọ ọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gba ti ọmọ yín, ká ní òdo ni 2⁰. Ẹ kọ òdo sí ìlà yẹn kẹ́ẹ wo ohun tó máa bàjẹ́. Láti 2 bọ́ sí 0, a ò pín in sí méjì mọ́, a kàn fò ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fojú fo ìyẹn. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lọ, ìdajì òdo, òdo ni, ìdajì ẹ̀ tún jẹ́ òdo, gbogbo ìsàlẹ̀ ti kú nìyẹn, ½ àti ¼ ò rí ibùjókòó mọ́. Èyí tó burú jù ni pé kẹ́ẹ yíjú, kẹ́ẹ máa gun òkè padà. Láti ìlà kan sí èyí tó wà lókè ẹ̀, ṣebí ẹ máa fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀? 0 × 2 jẹ́ 0. Torí náà 2¹ á di 0, 2² á di 0, 32 tẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ á di 0. Òdo kan ṣoṣo tẹ́ẹ fi síbẹ̀ á jẹ gbogbo àtẹ̀gùn tán. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe èyí kì í tún bá èèyàn jà mọ́, torí òun fúnra ẹ̀ ló rí i pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n lè fi sí ìlà yẹn tí 2 á fi jáde nígbà tí wọ́n bá fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀.

Mo ní a máa padà sórí "kò sí nǹkan kan". Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀. Tí mo bá ní kẹ́ẹ ro 5 pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Orí òdo ni, òdo ẹ fi 5 kún un, ẹ tún fi 5 kún un, ẹ tún fi kún un, 15. Tí mo bá wá ní kẹ́ẹ má fi 5 kankan kún un, ibi tẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náà lẹ wà, òdo, ìdí nìyẹn tí 5 × 0 fi jẹ́ 0. Ìsọdipúpọ̀ ò lè bẹ̀rẹ̀ lórí òdo, torí ohun yòówù tẹ́ẹ bá fi sọ òdo di púpọ̀, ẹ ò ní kúrò lójú kan. Orí 1 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí 1 ni nọ́ńbà tí kì í ba ìsọdipúpọ̀ jẹ́. Nítorí náà gbólóhùn tí mo fi ń rọ́pò ti àtijọ́ nìyí: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, kẹ́ẹ wá fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ níye ìgbà tí páwà bá sọ. 2³ wá di 1 × 2 × 2 × 2, ẹ ka àmì táìmsì, ó pé mẹ́ta wàyí. 2¹ di 1 × 2, àmì kan. 2⁰ di 1, kò sí àmì kankan, a ò tíì ṣe nǹkan kan sí i. Ọmọ yín gbà pé kò sí 5 kankan nínú 5⁰, òótọ́ ló sọ, ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un ni pé ibi tí ìrìn àjò páwà ti ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe òdo.

Tó bá fẹ́ ohun tó lè fọwọ́ kàn, ẹ fún un ní bébà kan. Ẹ ní kó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, bébà á di ìpele méjì lórí ara wọn. Ó tún ṣẹ́ ẹ, mẹ́rin. Ìkẹta, mẹ́jọ. Ìyẹn ni 2¹, 2², 2³. Ẹ wá ní kó tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kó má ṣẹ́ ẹ po rárá, ìpele mélòó ló wà? Bébà kan. Àìṣẹ́ ẹ po ò sọ pé kí bébà pòórá. Àpẹẹrẹ yìí ti bá mi yanjú ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo àlàyé lọ, àmọ́ ó ní ibi tó mọ, torí 2 nìkan ló bá mu, ẹ̀ẹ ṣẹ́ bébà po di 2⁻¹ ìpele.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún yín níbí, torí àwọn tó ń kọ́ èèyàn sábà máa ń fò ó. Bátànì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Nọ́ńbà mélòó kan lè tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kí ìkẹfà já wa kulẹ̀. Ẹ ya nǹkan róbótó kan, ẹ fi àmì tótòtó sí etí ẹ̀, kẹ́ẹ fi ìlà gbọọrọ so àmì kọ̀ọ̀kan mọ́ gbogbo àwọn yòókù, kẹ́ẹ wá ka ojú tí inú rẹ̀ pín sí. Àmì kan, ojú kan. Àmì méjì, ojú méjì. Mẹ́ta, mẹ́rin. Mẹ́rin, mẹ́jọ. Márùn-ún, 16. Gbogbo èèyàn ló máa ta á pé àmì mẹ́fà á fún wa ní 32, bẹ́ẹ̀ 31 ni, ẹ kà á dáadáa, kẹ́ẹ sì rí i pé ìlà mẹ́ta ò pàdé lójú kan náà nínú ẹ̀. Mo ti lo odindi ọ̀sán kan lórí eléyìí rí, mo rò pé mo gbàgbé ojú kan ni. Kí ló wá dé tí mo fi fọkàn tán àtẹ̀gùn páwà tí mi ò fọkàn tán ti róbótó? Torí pé ti páwà, a mọ ohun tó ń wakọ̀ ẹ̀. A mọ̀ pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tú nọ́ńbà kan kúrò nínú ìdìpọ̀. Ti róbótó, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé àmì tuntun gbọ́dọ̀ sọ ojú di ìlọ́po méjì, àwa la fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń wakọ̀ yẹn ní òfin tí ọmọ yín á ti pàdé tàbí tó máa pàdé láìpẹ́, pé tẹ́ẹ bá fi 2³ sọ 2² di púpọ̀, ẹ kàn máa ro páwà pọ̀ ni, 2⁵. Kò sí awo níbẹ̀, 2 mẹ́ta pàdé 2 méjì, wọ́n di márùn-ún, 8 × 4 jẹ́ 32. Tá a bá fẹ́ kí òfin yìí kan òdo náà, 2⁰ × 2³ gbọ́dọ̀ jẹ́ 2³, torí 0 + 3 jẹ́ 3. Nọ́ńbà wo lẹ máa fi sọ 8 di púpọ̀ tí 8 á ṣì jẹ́ 8? Kò sí òmíràn àfi 1. Èyí ló dáhùn "ta ló ṣe òfin ọ̀hún". Èèyàn ló ṣe é, mi ò ní parọ́ fún un, 2⁰ ò ní ìtumọ̀ kankan nínú gbólóhùn àtijọ́, àwọn onímọ̀ ìṣirò ló jókòó tí wọ́n fún un ní ìtumọ̀. Àmọ́ wọn ò mú èyí tó wù wọ́n, ohun kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì tí ò ní ba òfin tó ti wà nílẹ̀ jẹ́, òun ni wọ́n mú.

Tó bá ní kálíkúlétọ̀ nítòsí tó ní bọ́tìnì √, eré kan wà tí mo fẹ́ràn. Kó tẹ 1000, kó wá máa tẹ √ lọ́pọ̀ ìgbà. 31.62 ló máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà 5.62, 2.37, 1.54, 1.24, 1.11, 1.06, 1.03. Ibo ló ń lọ? Kó pa á rẹ́, kó tẹ nọ́ńbà tó kéré gan-an, 0.01, kó tún máa tẹ √: 0.1, 0.32, 0.56, 0.75, 0.87, 0.93, 0.96. Èkíní ń ti òkè bọ̀, èkejì ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ìloro 1 ni wọ́n ti fẹ́ pàdé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé √ ń sọ páwà di ìdajì. Nọ́ńbà tó bá fi ara ẹ̀ sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ tó di 1000, páwà ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ½, torí ½ + ½ jẹ́ 1. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, páwà di ¼, ó di ⅛, ó ń sún mọ́ òdo díẹ̀díẹ̀, ìdáhùn sì ń sún mọ́ 1. Nígbà tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lórí 1000, páwà ti di 1/1024, ìdáhùn ti di 1.0068. Kò sí ẹni tó rí èyí tó máa ní nígbà tí páwà bá wá dé òdo gan-an, kí ìdáhùn ṣàdédé já bọ́ sí òdo.

Ibi táwọn ọmọ ti ń pàdánù máàkì, kí n sọ ọ́ kíákíá. Páwà ń kan ohun tó lẹ̀ mọ́ nìkan. 5x⁰ jẹ́ 5, torí x nìkan ni òdo yẹn lẹ̀ mọ́, x⁰ di 1, 5 ṣì wà níbẹ̀. (5x)⁰ ló jẹ́ 1. Bákan náà ni màínọ́ọ̀sì: (-3)⁰ jẹ́ 1, àmọ́ -3⁰ jẹ́ -1, torí láìsí bírákẹ́ẹ̀tì, 3 nìkan la gbé sí páwà òdo, màínọ́ọ̀sì dúró síta ń wò. Tó bá ń ṣiyèméjì lórí nọ́ńbà tó ní màínọ́ọ̀sì, àtẹ̀gùn náà ni kó padà sí: (-3)³ jẹ́ -27, (-3)² jẹ́ 9, (-3)¹ jẹ́ -3, -3 la fi ń pín ní gbogbo ìgbà, àmì ń yí padà bá a ṣe ń lọ, ìlà tó kàn sì jẹ́ 1, kì í ṣe -1. Ìdá náà ń tẹ̀ lé e, ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé àtẹ̀gùn ti ½ ń gòkè bí páwà ṣe ń dín kù, ⅛, ¼, ½, 1.

Ó ku nọ́ńbà tó ṣì jókòó síbẹ̀, òdo fúnra ẹ̀. Ẹ gbìyànjú àtẹ̀gùn ẹ̀: 0³ jẹ́ 0, 0² jẹ́ 0, 0¹ jẹ́ 0. Láti sọ̀kalẹ̀ sí 0⁰, ẹ gbọ́dọ̀ fi 0 pín 0, ìyẹn ò ṣeé ṣe, torí náà àtẹ̀gùn já níbẹ̀, kò lè sọ nǹkan kan fún wa. Bátànì méjì ló wá ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Tẹ́ẹ bá ń tẹ̀ lé ìlà 3⁰, 2⁰, 1⁰, gbogbo wọn jẹ́ 1, á dà bíi pé 0⁰ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Tẹ́ẹ bá sì ń tẹ̀ lé 0³, 0², 0¹, gbogbo wọn jẹ́ 0, á dà bíi pé 0 ló yẹ kó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé ọmọ yín á fi kọ a ≠ 0, ìyẹn pé nọ́ńbà náà kì í ṣe òdo, sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin yẹn, ẹ ní kó wò ó, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í kà á. Cauchy, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti kà á mọ́ àwọn ohun tí ò ṣeé fún ní ìdáhùn kan pàtó ní ọdún 1821, ojú yẹn náà ni wọ́n ṣì fi ń wò ó nínú ìṣirò nǹkan tó ń sún mọ́ nǹkan díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń ka iye ọ̀nà tí nǹkan lè gbà rí mú un ní 1, wọn ò sì ṣì í. Ẹ ní lẹ́tà mẹ́ta, ẹ fẹ́ fi ṣe kóòdù onílẹ́tà méjì, 3² ni, ọ̀nà mẹ́sàn-án. Kóòdù tí ò ní lẹ́tà kankan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kí àyè ẹ̀ ṣófo. Ká wá ní ẹ ò ní lẹ́tà kankan lọ́wọ́, kóòdù náà ò sì gbọdọ̀ ní lẹ́tà kankan, ẹ ṣì lè ṣe òfìfo yẹn, ọ̀nà kan ni. Àwọn tó ń kọ prógíráàmù náà gba ti 1, ẹni tó bá ní Python lórí kọ̀ǹpútà á rí i:

```
>>> 0**0
1
```

Kálíkúlétọ̀ ọwọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọ Error sójú yín. Tí ọmọ yín bá gbìyànjú méjèèjì tó wá rí i pé wọn ò fẹnu kò, kì í ṣe pé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, ẹ sọ fún un pé ìbéèrè tó bi yín lórí 5⁰, orí 0⁰ ló ti tọ́ kéèyàn bi í.